Bí a ṣe ń ka àmì ìró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ nínú díṣọ́nárì Gẹ̀ẹ́sì

Fọ́tò ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń yà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í pọ̀ bíi ti ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn régbérégbé bá dé Òjúde Ọba pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ wọn, tí àwọn ìdílé ológun sì ń gun ẹṣin wá kí ọba. Ní ọdún kan, àlejò kan tó ti òkè òkun wá bi í léèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ní òun jẹ́ "fótògíráfà". Àlejò ní kó tún un wí. Ó tún un wí, ó gbóhùn sókè sí i, àlejò ṣì ń wojú rẹ̀. Ìgbà tó gbé kámẹ́rà sókè ni ọ̀rọ̀ tó yé onítọ̀hún.

Alẹ́ ọjọ́ náà ló ya ilé mi. "Àǹtí, ṣé mi ò pè é dáadáa ni?" Iṣẹ́ lẹ́sìnnì ni mo ń ṣe, apá ìdánwò Wáẹ̀kì tí wọ́n ti ń béèrè ìró ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì máa ń kọ́ àwọn ọmọ jù. Mo gbé díṣọ́nárì fún un. Ó rí ọ̀rọ̀ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní kó dúró, kó wo ohun tó wà láàárín ilà dídagun méjì:

photographer /fəˈtɒɡrəfə(r)/

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ibẹ̀ yẹn gan-an ni mo máa ń fò."

Ibi tó ń fò yẹn ni mo fẹ́ bá yín kà.

Ẹ kọ́kọ́ wá ojú ìwé tí wọ́n to àmì sí

Gbogbo díṣọ́nárì tó ń lo àmì ìró ló ní ojú ìwé kan, níwájú tàbí lẹ́yìn, níbi tó ti to àmì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ fi nǹkan sí ojú ìwé yẹn kó má sọnù, nítorí pé kì í ṣe àmì kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú díṣọ́nárì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni IPA, iṣẹ́ ẹgbẹ́ kan tí àwọn olùkọ́ èdè dá sílẹ̀ ní Paris ní 1886. Òfin wọn kò ṣòro: àmì kan, ìró kan. Àwa tí a ń ka Yorùbá kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí, torí bí a ṣe kọ ṣ náà la ṣe ń pè é níbikíbi tó bá wà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ bí ó bá jẹ́ Webster ti Amẹ́ríkà ló wà lọ́wọ́ yín, ọ̀nà mìíràn ló ń gbà. Á fi ilà sórí a báyìí, ā, fún ìró tó wà nínú kéèkì. Ilà orí yẹn kì í ṣe àmì ohùn o. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ní ìsàlẹ̀ yìí jẹ́ ti IPA, gẹ́gẹ́ bí díṣọ́nárì akẹ́kọ̀ọ́ ti Oxford àti Longman ṣe ń lò ó.

Ẹ fi ọwọ́ bo bí wọ́n ṣe kọ ọ̀rọ̀, kí ẹ ka fáwẹ̀lì

Mo sọ ọ́ ní tààrà: ẹ gbé àtàǹpàkò lé photographer kí ojú yín má rí i mọ́. Lẹ́tà tí ojú ti mọ̀ ló máa ń fa ẹnu. Ẹ wá wo ohun tó kù nínú ilà dídagun, kí ẹ ka iye fáwẹ̀lì tó wà níbẹ̀. Iye fáwẹ̀lì ló sábà máa ń jẹ́ iye sílébù. Nínú /fəˈtɒɡrəfə(r)/, ə kan, ɒ kan, ə kejì, ə kẹta. Mẹ́rin ni.

Mo wá ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pa àtẹ́wọ́ sí bí òun ṣe ń pè é. Fó, tò, gí, rá, fà. Márùn-ún. Kò tíì mọ àmì kan ṣoṣo, ó sì ti rí àṣìṣe kan: ó fi fáwẹ̀lì kan kún un láàárín ɡ àti r. Ẹnu Yorùbá ni, kì í fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì fara kanra. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe sọ ọ̀rọ̀ onísílébù kan, bread /bred/, di búrẹ́dì onísílébù mẹ́ta. Kò sí ohun tó burú nínú búrẹ́dì nígbà tí a bá ń sọ Yorùbá. Ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni kó ka sílébù rẹ̀.

Fáwẹ̀lì méjì tí wọ́n so pọ̀, bíi eɪ tàbí əʊ tàbí aɪ, sílébù kan ni: ẹnu bẹ̀rẹ̀ níbi àkọ́kọ́, ó sì yọ̀ lọ síbi kejì.

Àwọn kọ́ńsónáǹtì tó ń fi ojú jọ tiwa

Púpọ̀ nínú kọ́ńsónáǹtì kò ní yọ yín lẹ́nu. b, d, f, k, l, m, t, w, kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Àjèjì kọ́ ló ń ṣi èèyàn lọ́nà, èyí tó jọ tiwa tí kì í ṣe tiwa ni.

Olórí wọn ni /j/. Ìró y wa ni ó dúró fún, kì í ṣe j. Yunifọ́ọ̀mù ni /ˈjuːnɪfɔːm/. Mo ti gbọ́ tí ọmọ kan ka yes /jes/ bíi "jẹ́ẹ̀sì" níwájú mi, ó sì dá a lójú gidigidi. Tí díṣọ́nárì bá fẹ́ j tiwa, /dʒ/ ni á kọ.

Èkejì ni /p/. P tí à ń pè nínú "pápá" máa ń ti ètè àti ẹ̀yìn ọ̀nà ọ̀fun jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Gẹ̀ẹ́sì, ètè nìkan ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi sọ paper di bébà: b sún mọ́ ọn ju p wa lọ. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu kí ẹ pe b, kí ẹ wá pè é láì jẹ́ kí ohùn jáde, kí atẹ́gùn tú lu ọwọ́ yín. Òun nìyẹn.

/ʃ/ ni ṣ wa gan-an. Ṣúgà ni /ˈʃʊɡə(r)/, s lásán ni wọ́n fi kọ ọ́ nínú ìwé ṣùgbọ́n àmì sọ òótọ́. Tí t bá ṣáájú rẹ̀, /tʃ/, ẹ so t mọ́ ṣ kí wọ́n di ọ̀kan. Àwa gé t yẹn sọnù nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tó jẹ́ /tʃɜːtʃ/, àti nínú tíṣà, tó jẹ́ /ˈtiːtʃə(r)/.

/ŋ/ ni n tó wà nínú báǹkì, tàbí ń inú "ó ń gé e". Ahọ́n ti gun ẹ̀yìn. Nínú sing /sɪŋ/, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, kò sí g kankan tí a ó fi tì í lẹ́yìn.

/θ/ àti /ð/ ni a kò ní rárá. Ẹ yọ ṣóńṣó ahọ́n díẹ̀ sáàárín eyín, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn: /θ/ nìyẹn, ti thank. Ẹ jẹ́ kí ohùn bá a jáde: /ð/ nìyẹn, ti this. Tí ẹ bá fi ìka kan ọ̀fun, ó gbọ́dọ̀ gbọ̀n fún ìkejì, kó dákẹ́ fún ìkíní. Ìka kan náà ni ẹ ó fi yẹ /s/ àti /z/ wò. Rice /raɪs/ àti rise /raɪz/, z ìparí yẹn nìkan ló yà wọ́n, s ni wọ́n sì fi kọ ọ́.

H ńkọ́? Tí kò bá sí nínú ilà dídagun, ẹ má mú un wá. Heir, àrólé, /eə(r)/ ni. Tí ó bá sì wà níbẹ̀, ẹ má gbé e mì.

Fáwẹ̀lì: ẹ lo àwọn ọ̀rọ̀ tí a ti yá

Ibí ni iṣẹ́ wà. Mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sójú pátákó: bọ́ọ̀sì, ṣọ́ọ̀bù, bọ́ọ̀lù. Mo á bi àwọn ọmọ pé fáwẹ̀lì wo ló wà nínú wọn. Gbogbo wọn á ní ọ. Mo á wá ní kí wọ́n ṣí díṣọ́nárì:

bus /bʌs/
shop /ʃɒp/
ball /bɔːl/

Ọ kan ṣoṣo tiwa ni a fi gba ìró mẹ́ta tó yàtọ̀ wọlé. /ɒ/ ni ó sún mọ́ ọ wa jù, kúkúrú, pẹ̀lú ètè tó ká díẹ̀. /ɔː/ gùn, ètè sì ká jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmì méjì kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń sọ pé kí a fà á. /ʌ/ kì í ṣe ọ rárá. Ètè kò gbọdọ̀ ká. Ẹ lanu bí ẹni fẹ́ pe a kúkúrú, kí ẹ sì gé e. Ẹ mú dígí wò ó: tí ètè yín bá yí róbótó nígbà tí ẹ ń pe /bʌs/, ọ tiwa lẹ ṣì ń pè.

Ẹ tún wo nọ́ọ̀sì àti ṣẹ́ẹ̀tì. A fi ọ sínú ọ̀kan, a fi ẹ sínú èkejì, bẹ́ẹ̀ fáwẹ̀lì kan náà ni: /nɜːs/, /ʃɜːt/. A kò ní i, kálukú wá fi èyí tó bá rí dí àyè rẹ̀. Fún /ɜː/, ahọ́n wà ní agbedeméjì ẹnu, kò lọ iwájú, kò lọ ẹ̀yìn, ètè kò ká, ìró sì gùn.

/e/ nínú àwọn díṣọ́nárì yìí kì í ṣe e wa. Ẹ ni. Bẹ́ẹ̀dì, /bed/. Àwọn díṣọ́nárì ńlá mìíràn ti Oxford tiẹ̀ ń kọ ọ́ báyìí, /ɛ/, èyí tó fi hàn gbangba pé ẹ ni. E tiwa sún mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ /eɪ/ ti kéèkì, /keɪk/. Ẹ kò sì ní ṣi kóòtù tí à ń wọ̀ pè mọ́ kọ́ọ̀tù tí wọ́n ti ń dájọ́: /kəʊt/ ni ti aṣọ, /kɔːt/ ni ti adájọ́.

/iː/ ni í wa tí a fà, bíi nínú tíì, /tiː/. /ɪ/ kúkúrú, ṣùgbọ́n kíkúrú nìkan kọ́: ẹ tú ahọ́n sílẹ̀ díẹ̀ kí ó má le bíi ti í. Irú àjọṣe kan náà ló wà láàárín /uː/ àti /ʊ/. Ti báàgì, /bæɡ/, wà láàárín a àti ẹ; ti káàdì, /kɑːd/, gùn, ẹnu sì là bíi ti ẹni tí dókítà ní kó jẹ́ kí òun wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

Ə àti àmì kékeré òkè

Nínú photographer, fáwẹ̀lì mẹ́ta nínú mẹ́rin ló jẹ́ ə. Ṣúwà ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹ ṣe ń pè é ni pé kí ẹ má ṣe ohunkóhun: ẹnu là díẹ̀, ahọ́n sinmi láàárín, ìró yọ fẹ́rẹ́, ó tán. Ọ̀rẹ́ /ɜː/ ni, àmọ́ ó kúrú, kò sì lágbára. Kò ní lẹ́tà tirẹ̀. A lè fi a, e, o tàbí u kọ ọ́, nítorí náà kò sí bí ẹ ó ṣe mọ ibi tó wà bí ẹ kò bá wo àmì.

Ẹnu wa kò fẹ́ràn rẹ̀ torí pé nínú Yorùbá, sílébù kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀, ó ní ohùn tirẹ̀, kò sí èyí tí a fi ebi pa. Gẹ̀ẹ́sì a máa fi ebi pa sílébù. Èyí tí ó bọ́ yó ni wọ́n fi àmì ˈ síwájú rẹ̀.

Síwájú ni mo wí. Àmì náà wà ṣáájú sílébù tí a ó tẹ̀, kò wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn díṣọ́nárì Amẹ́ríkà kan máa ń fi tiwọn sẹ́yìn, ó sì ti da ọ̀pọ̀ rú, nítorí náà ẹ padà wo ojú ìwé tí wọ́n to àmì sí yẹn. Láti tẹ sílébù, ẹ lè fi ohùn òkè bẹ̀rẹ̀, ẹnu wa mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohùn òkè nìkan kò tó: ẹ fà á díẹ̀, kí ẹ fi agbára sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn yòókù rọ̀. Bí àwọn yòókù kò bá rọ̀, ẹni tó ń gbọ́ yín kò ní mọ èyí tí ẹ tẹ̀.

Èmi gan-an jìyà rẹ̀. Fún ọdún púpọ̀ ni mo ń pe determine bíi pé "main" ló parí rẹ̀, mo sì tún ń tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Níbi ìpàdé kan ni ẹnì kan ti fi ohùn pẹ̀lẹ́ tún un pè lẹ́yìn mi. Mo délé mo ṣí díṣọ́nárì: /dɪˈtɜːmɪn/. Àárín ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ìparí rẹ̀ sì jẹ́ ɪ kúkúrú. Ìwé náà ti wà nílé láti ìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga.

A padà sórí ayàfọ́tò

/fəˈtɒɡrəfə(r)/. Mo ní kó má bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Kó bẹ̀rẹ̀ níbi tí àmì wà: tɒ. Ó pè é, ọ kúkúrú, pẹ̀lú agbára. Kó fi ɡrə kún un láìfi í sáàárín: tɒɡrə. Ìyẹn gba àkókò. Mo ní kó dì mọ́ g kí ahọ́n rẹ̀ ti wà ní ipò r kó tó jẹ́ kí g lọ. Nígbà tó di ìgbà kẹfà tàbí ìkeje, ó bọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni fə ìparí: tɒɡrəfə. Níkẹyìn, fə iwájú, fẹ́rẹ́ bíi pé ó fẹ́ gbé e mì: fəˈtɒɡrəfə. Ó pàtẹ́wọ́ mẹ́rin, èkejì ló dún jù.

Ó wò mí. "Àǹtí, ṣé fótógíráàfù náà kọ́ ni, tí a kàn fi à kún?" Ìbéèrè tó dára ni. Mo ní kó wo ọ̀rọ̀ tó wà lókè rẹ̀ nínú ìwé kan náà: photograph /ˈfəʊtəɡrɑːf/. Àmì ti sún síwájú, fáwẹ̀lì sì ti pààrọ̀ aṣọ. Lẹ́tà o àkọ́kọ́ tó jẹ́ ə lẹ́ẹ̀kan ti di əʊ, lẹ́tà o kejì tó jẹ́ ɒ ti di ə. Kò sí lẹ́tà kan tó yí padà nínú ìwé. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń pe photograph, tó sì kàn so er mọ́ ọn, ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ fún àlejò yẹn gan-an ni yóò sọ.

(r) tó wà nínú àkámọ́ ńkọ́? Lẹ́nu àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, a kì í pè é àyàfi bí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e bá fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀. "Photographer from Ijebu", r kò jáde. "Photographer in Ijebu", r jáde. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é nígbà gbogbo. Tiwọn ni ìwé máa ń kọ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn NAmE nínú Oxford tàbí lẹ́yìn àmì $ nínú Longman. Ẹ mú ọ̀kan kí ẹ dúró tì í.

Nǹkan kan ṣì wà tó lè gbé èèyàn ṣubú. Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ kí ẹ tó ka àmì. Record, bí ó bá jẹ́ orúkọ, /ˈrekɔːd/ ni. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, tí ẹ ń gba fídíò sílẹ̀, /rɪˈkɔːd/ ni. Méjèèjì lè wà lójú ìwé kan náà, ọ̀pọ̀ èèyàn a sì mú èyí tí ojú wọn kọ́kọ́ bà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ̀pẹ́ bíi for: ẹ ó rí /fə(r)/ àti /fɔː(r)/. Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ń lò láàárín gbólóhùn, èkejì nígbà tí a bá tẹnu mọ́ ọn tàbí tí ó bá parí gbólóhùn. Ilà dídagun kò sì lè sọ fún yín bí gbogbo gbólóhùn ṣe ń lọ sókè sódò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó dá dúró ni ó mọ̀.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ló pè mí lórí fóònù. Ó ti fi gbígba fídíò kún iṣẹ́, ó fẹ́ tẹ káàdì tuntun, ó sì ti wo videographer fúnra rẹ̀: /ˌvɪdiˈɒɡrəfə(r)/. Ó ní sílébù márùn-ún ni, òun ti kà á, ìparí rẹ̀ sì jọ ti àtijọ́. Ohun tí kò yé òun ni àmì méjì: ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Mo ní ti òkè ni ọ̀gá, òun ni kó tẹ̀ jù, ní ɒ. Ti ìsàlẹ̀ jẹ́ igbákejì: kó fún vɪ ní agbára díẹ̀, kó má fi ebi pa á, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ kó dún tó ɒ. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mi létí. Nígbà àkọ́kọ́, v rẹ̀ di f. Mo ní kó fi eyín òkè kan ètè ìsàlẹ̀, kó sì jẹ́ kí ọ̀fun gbọ̀n.